Ọwọ́ Tí Ọmọ Yín Ń Lò

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan ni Fawziyah mú lẹ́tà kan wọ ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ní Òkè Gàdà, nílùú Ẹdẹ. Sàídì télọ̀ ni bàbá ọ̀hún, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo àfi tí oníbàárà bá sọ pé aṣọ tí ó rán fún òun ti fún jù. Bí ó ti rí òǹtẹ̀ ilé-ìwé lórí bébà náà ni àyà rẹ̀ já díẹ̀, nítorí lẹ́tà ilé-ìwé kì í sábà mú ìròyìn ayọ̀ wá bá òbí. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó ti gíláàsì ojú rẹ̀ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

"Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n," bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà náà wí, "inú wa dùn láti sọ fún yín pé ilé-ìwé wa ti ní tábìlì tẹníìsì, a sì fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ ọ. Ọmọ méjìlá la ó kọ́kọ́ gbà. Lẹ́yìn oṣù àkọ́kọ́, àwọn mẹ́jọ tó bá mọ̀ ọ́n gbá jù ni yóò kù, nítorí tábìlì kan ṣoṣo la ní.

"Báàtì ni kí ẹ bá wọn rà. Kí ó ní rọ́bà lójú méjèèjì, ojú kan pupa, ojú kejì dúdú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra èyí tó jẹ́ igi lásán, òfin eré yìí kò gbà á. Bàtà kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà ni kí wọ́n wọ̀. A kò fẹ́ sílípáàsì. Kí aṣọ wọn má ṣe jẹ́ funfun, nítorí pé funfun ni bọ́ọ̀lù wa, ẹni tó dúró ní òdìkejì kò ní í rí i dáadáa. Àwọn ọmọbìnrin tó ń lo híjáàbù lè lò ó, kí ó ṣáà má jẹ́ funfun, kí ó má sì gùn bo ọwọ́. Ilé-ìwé ni yóò pèsè bọ́ọ̀lù.

"Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ òfin wọ̀nyí kí wọ́n tó wá. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré yóò gbé bọ́ọ̀lù lé àtẹ́lẹwọ́ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, yóò jù ú sókè tààrà, kí ó ga tó nẹ́ẹ̀tì àti díẹ̀ sí i, ìgbà tó bá ń bọ̀ wálẹ̀ ni yóò gbá a. Bọ́ọ̀lù náà yóò kọ́kọ́ ta ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, kí ó tó kọjá sọ́dọ̀ ẹnìkejì. Ọwọ́ tí kò mú báàtì kò gbọdọ̀ kan orí tábìlì nígbà tí eré bá ń lọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ní mọ́kànlá ló jáwé olúborí, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fi méjì ju ẹnìkejì lọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ la ó máa pàdé lẹ́yìn ìwé. A ó tètè jọ̀wọ́ wọn kí wọ́n má bàa pẹ́ dé ilé-kéwú."

Èyí tẹ́ Sàídì lọ́rùn. Tíṣà tó rántí ilé-kéwú, ọmọlúwàbí ni. Ó wo orúkọ tó wà lábẹ́ lẹ́tà náà: Títílayọ̀ Adégbìtẹ́, olùkọ́ eré ìdárayá. Ó mọ̀ ọ́n lójú, obìnrin Onítẹ̀bọmi kan tó máa ń gun ọ̀kadà kọjá ní iwájú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú fèrè lọ́rùn. Ó mú báírò, ó ní kí òun kọ èsì sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà, níbi tí wọ́n ti ní kí òbí kọ ọ́, kí ó gé e, kí ọmọ dá a padà.

Orúkọ ọmọ, ó kọ ọ́. Kíláàsì, ó kọ ọ́. Nọ́ńbà fóònù òbí, ó kọ ọ́. Ṣé ọmọ náà ní àìsàn kankan tó yẹ ká mọ̀? Ó kọ ọ́ pé rárá, a dúpẹ́. Ó wá kan ìbéèrè tó kẹ́yìn: "Ọwọ́ wo ni ọmọ yín ń lò, ọ̀tún tàbí òsì?"

Báírò dúró. Sàídì gbé ojú sókè, ó wo Fawziyah tó jókòó sórí bẹ́ńṣì, tó ń fi ọwọ́ òsì ṣa àjákù òwú kúrò nílẹ̀. Ọmọ náà rí ojú bàbá rẹ̀, ó sì yára pààrọ̀ ọwọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní ilé yẹn. Màmá Àwáwù, ìyá tó bí Sàídì, ń gbé pẹ̀lú wọn, kò sì sí ohun tí màmá yìí kórìíra tó kí ènìyàn na ọwọ́ òsì síta. Ṣé ẹ rí i, nígbà tí Sàídì wà ní kékeré, ó fi ọwọ́ òsì gbé omi fún àna màmá tó wá láti ìlú Àwo. Àna náà kò gba omi. Ó wo omi, ó wo ọmọ, ó wo ìyá ọmọ, ó ní, "Ṣé báyìí lẹ ṣe ń tọ́ wọn ní Ẹdẹ ni?" Láti ọjọ́ náà ni màmá ti ya etí ìró kan, tó ń fi so ọwọ́ òsì Sàídì mọ́ ìbàdí tí ó bá fẹ́ jẹun. Ó so ó títí ọwọ́ náà fi gbà. Màmá kì í ṣe ìkà o. Ohun tí gbogbo ìyá ń ṣe nígbà náà ló ṣe, ó sì gbà pé òun wo ọmọ òun sàn ni. Nígbà tí Fawziyah náà wá dé, tó tún gbé ọwọ́ òsì bọ inú abọ́, màmá kàn mí kanlẹ̀ ni, ó ní, "Ọwọ́ kejì!" Kò tún so ó. Ẹnu ló fi ń ṣe é. "Ọwọ́ kejì!" ní òwúrọ̀, "Ọwọ́ kejì!" ní alẹ́, débi pé ọmọ náà máa ń pààrọ̀ ọwọ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí Sàídì ka ìbéèrè yẹn, kò rí ọ̀rọ̀ eré nínú rẹ̀ rárá. Ohun tó rò ni pé Ántí yìí ń fi ọgbọ́n wádìí ilé tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ àti ilé tí wọn kò ti kọ́ ọ. Ó ní kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ó tẹ báírò mọ́ bébà, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Ọ̀tún ni o. Ilé ẹ̀kọ́ ni ọmọ wa ti wá."

Ó gé èsì náà pẹ̀lú síṣọ́ọ̀sì, ó gé e gún régé bí aṣọ oníbàárà, ó sì fún ọmọ rẹ̀. "Fawziyah, gbọ́. Ántí yín máa ṣọ́ ọwọ́ tó o bá fi mú báàtì o. Má dójú tì wá."

"Mo gbọ́, sà," ni Fawziyah wí.

Ọmọ tó gbọ́ràn ni. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Oṣù àkọ́kọ́ náà ń lọ sí òpin nígbà tí Ántí Títílayọ̀ fúnra rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó gbé aṣọ búlúù kan há abíyá. Sàídì wà lẹ́yìn kọ́tìnnì tó fi pín ṣọ́ọ̀bù sí méjì, ó ń fi abẹ́rẹ́ rán bọ́tìnnì mọ́ kaftáànì. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún ni Sàídì fi ń gé aṣọ, ọ̀tún ló fi ń kọ̀wé, ọ̀tún ló fi ń kí ènìyàn. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì, tó bá ti wà lẹ́yìn kọ́tìnnì tí ojú ènìyàn kò tó o, òsì ló fi ń rán an. Ìyẹn ló ń yá jù, ọwọ́ náà kì í sì í ṣàṣìṣe. Ìyàwó rẹ̀ Hasanat nìkan ló mọ̀, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Fawziyah!" Ántí ti ká kọ́tìnnì kó tó dákẹ́.

Abẹ́rẹ́ fò sí ọwọ́ ọ̀tún. Ó fi gún ara rẹ̀ níka, ó pa á mọ́ra. "Ẹ káàbọ̀, Ántí. Ẹ jókòó."

Ántí kò rí nǹkan kan, tàbí ó ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó tẹ́ aṣọ sílẹ̀. Ó ní ìdíje àwọn ilé-ìwé ń bọ̀ ní Òṣogbo, àwọn fẹ́ kí ó bá àwọn rán ṣẹ́ẹ̀tì fún ọmọ mẹ́rin tí yóò lọ. Méjì yóò gbá ti ẹnìkan-sí-ẹnìkan, méjì yóò jọ gbá ti méjì-sí-méjì. Ó ti wọn mẹ́ta wá. Ẹnìkẹrin ni kò tíì rí.

"Pẹ̀lúmi wà nílẹ̀ fún ti méjì-sí-méjì," ó wí, "ṣùgbọ́n n ò rí ẹni tí mo máa fi tì í. Ẹ wò ó." Ó mú ìdì òwú méjì lórí tábìlì ìgéṣọ, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. "Nínú eré yìí, ẹ̀yin méjèèjì ò lè gbá bó ṣe wù yín. Ìwọ gbá, èmi gbá, ìwọ gbá, èmi gbá. Tẹ́ ẹ bá gbá tán, ẹ ó kúrò lọ́nà kí ẹnìkejì yín ráyè. Tó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún làwọn méjèèjì, ibì kan náà ni wọ́n máa ń fẹ́ dúró sí. Wọ́n á máa kọlu ara wọn. Ṣùgbọ́n tọ́kan bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì," ó ti ìdì òwú kan sí apá òsì, ó fi èkejì sílẹ̀ sí apá ọ̀tún, "ẹ ò rí i? Ààyè gbà wọ́n. Torí ẹ̀ ni mo ṣe béèrè ọwọ́ nínú lẹ́tà yẹn."

Sàídì tẹjú mọ́ ìdì òwú.

"Ọmọ méjìlá," Ántí ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ̀rín sì ń pa á, "ọ̀tún ni gbogbo wọn kọ! Ṣé kò sí ọlọ́wọ́ òsì kankan nínú Ẹdẹ mọ́ ni? Ẹnìkan tiẹ̀ kọ ọ́ pé, 'Ilé ẹ̀kọ́ ni ọmọ wa ti wá.' Mo rẹ́rìn-ín, omi fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú mi."

Ojú ti Sàídì. Bí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù bá lè là, ì bá wọlé lọ. Ó fi téèpù wọn ohun tí kò nílò wíwọ̀n. Ó wá béèrè pé, "Fawziyah tiwa ńkọ́?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Ántí. "Bàbá Fawziyah, mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹsẹ̀ ọmọ yẹn yá. Ojú ẹ̀ ti máa ń rí ibi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ kó tó dé. Ọwọ́ ni kì í bá a dé ibẹ̀. Bí ẹni tó yá ọwọ́ ẹlòmíràn lò ló ṣe ń gbá a. Ọjọ́bọ̀ yìí la máa yan àwọn mẹ́jọ tó máa kù, mo sì ní kí àwọn òbí wá wò ó. Tí ò bá ṣe dáadáa lọ́jọ́ náà, á ní láti fi ààyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ó dùn mí, nítorí kò sí ọmọ tó fẹ́ràn eré yẹn tó o."

Ọ̀rọ̀ dé ọ̀fun Sàídì. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn: "Ántí, èmi ni mo kọ ohun tí kì í ṣe òótọ́." Ó ti la ẹnu. Ó wá rántí "ilé ẹ̀kọ́", ó rántí ẹ̀rín Ántí, ó sì pa ẹnu dé. "Ọjọ́rú ni kẹ́ ẹ wá gbé ṣẹ́ẹ̀tì àwọn mẹ́ta tẹ́ ẹ ti wọ̀n," ló sọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bí ó ti ń bọ̀ láti mọ́sáláṣí lẹ́yìn ìrun Aláásárì, ó gbọ́ ìró kan lẹ́yìn ilé: pà, pà, pà, kò yára, kò falẹ̀. Ó yọjú ní kọ̀rọ̀ ògiri. Fawziyah ni, ó ti ilé-kéwú dé, ó ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri ilé ìdáná. Ọwọ́ òsì ló fi mú báàtì. Bọ́ọ̀lù lọ, bọ́ọ̀lù bọ̀. Nígbà mìíràn ó lọ sí ibi tí ògiri ti gbun, ó sì ta lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọmọ náà a ti dé ibẹ̀ kí ó tó balẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ara rẹ̀. Sàídì kò rí ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé ara rẹ̀, ó sì tẹ̀ síwájú.

Fawziyah rí i. Kíá ni báàtì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Bọ́ọ̀lù tó kàn kọjá lára rẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ àgbá omi.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ọmọ náà wí, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi ọbẹ̀.

Bí abẹ́rẹ́ ṣe fò ní ọwọ́ tirẹ̀ náà nìyẹn. Sàídì rí i kedere, ó sì dùn ún wọ egungun. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bá a mú bọ́ọ̀lù lábẹ́ àgbá, ó fún un.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Hasanat. Hasanat kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ lọ bá Ántí, kẹ́ ẹ sọ fún un. Kí ló le níbẹ̀?"

"Kí n sọ fún un pé mo parọ́? Pé èmi ni mo kọ 'ilé ẹ̀kọ́'?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ kẹ̀!"

Màmá Àwáwù ń ka tẹ̀sùbáà lọ ní pálọ̀, ṣùgbọ́n etí màmá kì í ka tẹ̀sùbáà. "Ọwọ́ ta lẹ ń sọ?" ó pè láti ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé, ó gbé tẹ̀sùbáà sílẹ̀. "Lójú gbogbo ayé? Ọmọbìnrin? Ṣé òsì yẹn náà ló máa fi gbé omi fún ìyá ọkọ ẹ̀? Mo jìyà ẹ̀ lórí tìẹ, Sàídì, mi ò tún ní í jẹ ẹ́ lórí tiẹ̀. Èmi náà máa bá yín dé ibẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Mo fẹ́ fojú ara mi rí ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ náà."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, nítorí tí màmá bá ti fi "mo jìyà ẹ̀" sí ọ̀rọ̀, Sàídì kì í bá a jiyàn.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n gbé àga yí tábìlì ká nínú gbọ̀ngán ilé-ìwé. Wọ́n ti fèrèsé apá kan pa kí atẹ́gùn má bàa máa gbé bọ́ọ̀lù kiri. Màmá Àwáwù jókòó níwájú pátápátá, pẹ̀lú gèlè àti ìborùn, bí ẹni tó wá jẹ́rìí ní kóòtù. Sàídì jókòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Fawziyah wà láàárín àwọn ọmọ, ó wọ híjáàbù búlúù kékeré tí bàbá rẹ̀ rán fún un, ojú rẹ̀ kò sì dùn.

Ántí Títílayọ̀ tún òfin inú lẹ́tà ṣàlàyé. Ó wá ní òbí kì í mọ bí eré yìí ti le tó àfi tí wọ́n bá dán an wò, kí òbí kan jáde. Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Bàbá Aqeelah, oníṣòwò sìmẹ́ńtì kan tó fẹ́ràn àwàdà, na ìka: "Télọ̀! Ìwọ lọwọ́ ẹ mọ iṣẹ́ jù nínú wa. Jáde!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Sàídì wá ibi tó máa sá gbà, kò rí i.

Ó fi ọ̀tún mú báàtì. Bọ́ọ̀lù tí Ántí kọ́kọ́ gbá sí i, ó gbá a wọ àárín àwọn òbí. Ẹ̀rín sọ. Èkejì kọjá, báàtì ò kàn án rárá. Bàbá Aqeelah ní kó rọra, pé kì í ṣe eṣinṣin ló ń lé. Ẹ̀kẹta wá yára, ó sì lọ sí apá òsì rẹ̀ pátápátá.

Sàídì kò ro nǹkan kan. Tó bá rò ó ni, kì bá ṣe é. Báàtì ti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì, ọwọ́ òsì sì na ara rẹ̀. Bọ́ọ̀lù fò lórí nẹ́ẹ̀tì, ó ta ní igun tábìlì, ó kọjá lára Ántí. Ántí gbá òmíràn sí i. Ó tún gbá a. Òmíràn, ó tún gbá a. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ti ń rẹ́rìn-ín. Ìró bọ́ọ̀lù nìkan ló kù nínú gbọ̀ngán.

Ántí ló fi ọwọ́ mú bọ́ọ̀lù dúró. "Bàbá Fawziyah," ó wí, ó ń wò ó bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, "ọlọ́wọ́ òsì ni yín."

Sàídì wo báàtì, ó wo ọwọ́ tó mú un. Ó rí ojú Fawziyah tó là sílẹ̀. Ó rí ojú màmá. "Rárá o," ó sọ ọ́ kíá. "Ó kàn ṣèèṣì ni." Ó gbé báàtì sílẹ̀, ó padà sórí àga, ó kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan. Ó kórìíra ara rẹ̀.

Màmá kò wò ó. Iwájú ló kọjú sí. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, fún etí Sàídì nìkan: "Mo rò pé ọwọ́ yẹn ti kú ni."

"Kò kú, Màmá."

"Gbogbo ọjọ́ yìí?"

"Bọ́tìnnì ni mo máa ń fi í rán."

Màmá mi orí díẹ̀díẹ̀.

Ìdánwò àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kan Fawziyah, Aqeelah ni wọ́n ní kí ó kojú. Ó ju bọ́ọ̀lù sókè dáadáa láti àtẹ́lẹwọ́ tó tẹ́, bí lẹ́tà ti wí, ṣùgbọ́n báàtì ọwọ́ ọ̀tún gbá a bọ inú nẹ́ẹ̀tì. Aqeelah ní ọ̀kan, ó ní méjì, ó ní mẹ́rin. Fawziyah a sáré dé ibi tí bọ́ọ̀lù wà, ọwọ́ a sì já a kulẹ̀. Nígbà tí Aqeelah fi ní méje, méjì péré ni Fawziyah ní. Bàbá Aqeelah ń pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú ohùn òkè. Omi ti dé ojú Fawziyah, ó fi etí híjáàbù nù ún, ó tún tẹ̀ síwájú.

Sàídì fẹ́ dìde. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé tí bọ́ọ̀lù yìí bá lọ, òun máa dìde. Bọ́ọ̀lù náà lọ. Ó ní tí èyí tó kàn bá lọ.

"Fawziyah!"

Gbogbo gbọ̀ngán yí padà. Màmá Àwáwù ti dìde dúró, ìborùn rẹ̀ ti ṣubú sílẹ̀.

"Fawziyah! Ọwọ́ kejì!"

Ọmọ náà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn láti ìgbà tó ti mọ ọwọ́ gbé. Ó yára wo ọwọ́ rẹ̀ láti pààrọ̀ rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe. Ọ̀tún ni báàtì wà. Ó gbé ojú sókè, ó wo màmá, ọ̀rọ̀ náà kò yé e. Ó wo bàbá rẹ̀. Sàídì yọ ọwọ́ òsì kúrò lábẹ́ itan, ó gbé e sókè, ó fi hàn án.

"Ṣé òfin gbà á?" bàbá Aqeelah béèrè.

"Òfin gbà á," ni Ántí dáhùn. "Ọwọ́ tó bá mú báàtì ni ọwọ́ eré. Ẹ máa gbá a lọ."

Fawziyah pààrọ̀ ọwọ́. Bọ́ọ̀lù tí Aqeelah gbá sí i lẹ́yìn náà, ó dá a padà bí ìgbà tó ń gbá a mọ́ ògiri ilé ìdáná, ó sì bọ́ sí ibi tí Aqeelah kò sí. Ó tún ṣe é. Ó ní mẹ́ta, ó ní márùn-ún, ó ní mẹ́jọ. Ẹ̀rín músẹ́ ọjọ́ yẹn padà sójú rẹ̀. Bàbá Aqeelah kò pàtẹ́wọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ ti lọ. Aqeelah náà kì í ṣe ọ̀lẹ, mọ́kànlá sí mẹ́sàn-án ló fi jáwé olúborí. Fawziyah bá a bọ ọwọ́ bí àṣà eré náà, ó sì jẹ́ pé ẹni tí wọ́n nà ló ń fò sókè.

Ántí Títílayọ̀ kò dúró kí ariwo rọlẹ̀. Ó pe Pẹ̀lúmi, ó mú un ní èjìká, ó gbé e sí apá ọ̀tún tábìlì. Ó mú Fawziyah, ó gbé e sí apá òsì. Ó dúró lẹ́yìn àwọn méjèèjì, ó wo àlàfo àárín wọn. "A dúpẹ́ o," ó sọ fún ara rẹ̀.

Sàídì ti dìde. Ó lọ bá a níbi tó kó àwọn ìwé rẹ̀ sí. "Ántí, ẹ jọ̀wọ́, èsì tí mo kọ sí lẹ́tà yẹn. Ẹ bá mi wá a. Èmi ni mo kọ 'ilé ẹ̀kọ́'."

"Mo mọ̀, Bàbá Fawziyah," ni Ántí wí. "Orúkọ ọmọ wà lókè ẹ̀. Ẹ̀yin ni mo ń retí."

Ó wá a jáde, ó gbé e ka orí tábìlì fún un pẹ̀lú báírò. Àwọn òbí kan ti sún mọ́ wọn, wọ́n ń wò. Sàídì fi ọ̀tún mú báírò, ó fa ìlà lórí "Ọ̀tún ni o". Ó dúró. Ó wá pààrọ̀ ọwọ́, lójú bàbá Aqeelah, lójú ìyá rẹ̀, lójú gbogbo wọn, ó sì fi òsì kọ "Òsì" sábẹ́ rẹ̀. Kò fi kọ̀wé rí. Ìkọ̀wé rẹ̀ wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ti ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ó dùn mọ́ ọn púpọ̀. Kò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ "ilé ẹ̀kọ́". Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó fi òsì kan náà mú bébà náà, ó fẹ́ fi fún Ántí.

"Sàídì!" ni màmá wí láti ẹ̀yìn rẹ̀. Kò pariwo.

Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé bébà náà sí ọ̀tún, ó sì fi ọ̀tún fún un.